Lẹ́tà tí mo kọ sí Bùọ̀dá Tíṣà nítorí họ́tísípọ́ọ̀tì mi

Ẹ wá ibi jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ̀wé sí aládùúgbò mi pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má lo họ́tísípọ́ọ̀tì mi mọ́ láìsọ fún mi. Ìwé náà ò gùn rárá, àmọ́ odindi òru kan ló gbà lọ́wọ́ mi, torí pé ẹni tí mò ń kọ ọ́ sí kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ìjurin-Èkìtì ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò. Gíráfíìkì ni iṣẹ́ mi. Tí ẹ bá ti rí póstà òkú lára ògiri ní agbègbè wa, tí màmá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tó wé gèlè, tí wọ́n fi òdòdó yí fọ́tò náà ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo ṣe é. Ẹ mọ bí ìsìnkú ṣe rí ní Èkìtì. Àìsùn Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú Ọjọ́ Ẹtì, a máa jẹun títí di Sátidé. Nítorí náà Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ọjà mi. Inú yàrá mi ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà lórí láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn náà màá fi fáìlì ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní Adó. Kò sí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kankan tó wọ ilé wa. Fóònù mi ni gbogbo rẹ̀. Mo máa tan họ́tísípọ́ọ̀tì, láptọ́ọ̀pù á mú un, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, mo ra dátà 10GB ní ₦4,500. Ẹ má bi mí bóyá ó wọ́n. Láti oṣù Kìíní ọdún yẹn tí àjọ NCC ti gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa là ń ka dátà bí ẹni ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé 10GB máa gbé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, torí pé mi ò kì í wo fídíò lórí rẹ̀. Fọ́tò àti fáìlì nìkan ni.

Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, mò ń fi fáìlì bánà ìsìnkú kan ránṣẹ́. Ó ti dé ìdajì. Ó dúró. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: dátà yín ti tán. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo yẹ iye tó kù wò, òdo ló gbé jáde. Ẹbí òkú ń pè mí láti Ìpótì, atẹ̀wé ń pè mí láti Adó pé òun fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ₦700 péré ló sì kù nínú àkáǹtì mi. Mo fi gbogbo rẹ̀ ra dátà kékeré kan, mo tún fáìlì náà fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bánà náà bá òkú ní ibi ìsìnkú ṣá, àmọ́ ọmọ olóòkú tó gbé iṣẹ́ fún mi ò tíì pè mí fún iṣẹ́ mìíràn títí dòní.

Alẹ́ yẹn ni mo jókòó láti wá ibi tí 10GB gbà lọ.

Lórí fóònù tèmi, ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Network & internet`, ẹ máa rí ibi tó ti ń kọ iye dátà tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ. Tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀. Họ́tísípọ́ọ̀tì máa ń ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, yàtọ̀ sí ti Wọ́sáàpù àti àwọn yòókù. Ní oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin yẹn, àwọn áàpù orí fóònù mi jẹ 1.3GB lápapọ̀. Họ́tísípọ́ọ̀tì nìkan jẹ 8.6GB.

Inú kọ́kọ́ bí mi sí ara mi. Mo ní bóyá láptọ́ọ̀pù tèmi ni olè. Windows náà ní ibi tó ń kọ tirẹ̀ sí, `Data usage`, ó sì máa ń ṣírò ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn. Mo ṣí i. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, 2.1GB ni láptọ́ọ̀pù mi gbà lórí họ́tísípọ́ọ̀tì yẹn. Ká tiẹ̀ sọ pé ọjọ́ mẹ́rin yẹn nìkan ló lo gbogbo rẹ̀, tí a bá yọ ọ́ nínú 8.6, ó ku 6.5GB tí mi ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí. Fóònù mi ò sọ iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lò. Àpapọ̀ ló ń sọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa yọ tìẹ kúrò.

Mo wá tan họ́tísípọ́ọ̀tì padà, mo wọ ojú ewé rẹ̀ ní `Hotspot & tethering`, níbi tó ti ń kọ orúkọ àwọn tó so mọ́ ọn. Láàárín ìṣẹ́jú kan, orúkọ mẹ́ta ti jáde. Ọ̀kan ni tèmi. Ìkejì jẹ́ fóònù kan. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `DESKTOP-`, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rádaràda tẹ̀lé e. Irú orúkọ yẹn ni Windows máa ń sọ kọ̀ǹpútà tí olówó rẹ̀ ò bá sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ wa, ènìyàn méjì ló ní láptọ́ọ̀pù. Èmi, àti Bùọ̀dá Tíṣà.

Mo pa á kíákíá. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo ògiri. Ògiri kan náà ló wà láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bùọ̀dá Tíṣà jẹ́. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n, wọ́n á tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí àìsàn kọlu màmá mi ní òru, ọ̀kadà Bùọ̀dá Tíṣà la gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìjerò. Èmi ló di màmá mú lẹ́yìn, Bùọ̀dá ń wakọ̀ nínú òjò, wọn ò gba kọ́bọ̀ epo lọ́wọ́ wa. Màmá mi ṣì wà láyé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ̀wé sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítorí dátà? Ní gbogbo òru yẹn, ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ mo tún ń rántí olóòkú Ìpótì. Dátà kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré lọ́wọ́ mi. Ọkọ́ àti àdá mi ni.

Bí páásíwọ́ọ̀dù ṣe dé ọwọ́ wọn, èmi ni mo fún wọn. Ní ìparí tẹ́ẹ̀mù, ní oṣù Keje, wọ́n ní láti fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ ránṣẹ́, dátà wọn sì ti tán. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Orí fóònù wọn la ti kọ́kọ́ dán an wò, lẹ́yìn náà la fi sórí láptọ́ọ̀pù. Ó gbà tó ìṣẹ́jú ogún, wọ́n dúpẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Lójú tèmi, ó tán. Lójú ẹ̀rọ, kò tán. Tí ẹ bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ti há a sórí nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù náà ní àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ `Connect automatically`, wọ́n sì sábà máa ń ti fàmì sí i fún un yín kí ẹ tó débẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá ti tan họ́tísípọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ Bùọ̀dá á kàn wọlé wá fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé. Ó lè jẹ́ pé wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tún lè jẹ́ pé wọ́n mọ̀ dáadáa. Orúkọ tó jáde lójú fóònù mi ò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún mi.

Ibí yìí ni ìwé náà ti le. Tí mo bá kọ ọ́ bíi pé olè ni wọ́n, tó sì jẹ́ pé wọn ò mọ̀, mo ti bú àgbà. Tí mo bá kọ ọ́ bíi pé wọn ò mọ̀, tó sì jẹ́ pé wọ́n mọ̀, kò sóhun tó bàjẹ́. Mo ti fún wọn ní ọ̀nà láti jáde láì tijú. Ìyẹn ni mo fi yàn.

Èé ṣe tí mi ò fi lọ kúnlẹ̀ kí n sọ ọ́ lẹ́nu? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á bi mí. Ilé wa ni. Yàrá kojú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, èèyàn ò lè húkọ́ kí ará iwájú má sọ pé pẹ̀lẹ́. Tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, á di ẹjọ́. Ìyàwó wọn á gbọ́, àwọn ọmọ á gbọ́, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé á dá sí i. Mo tún ro ti fóìsì nóòtì. Fóìsì nóòtì kẹ̀? Bùọ̀dá máa ń fi ti wọn sí ohùn òkè. Ìwé ló kù, kó wọlé jẹ́ẹ́, kó jẹ́ ojú wọn nìkan ló kà á.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé: "Bùọ̀dá, mo rí i pé ẹ ń lo dátà mi láti oṣù Keje, ẹ sì ti jẹ 6.5GB." Gbólóhùn kan péré, ẹ̀sùn méjì. Irọ́ sì tún wà níbẹ̀, torí mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní ẹ̀rí rẹ̀.

Ìkejì dùn jù. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, mo dúpẹ́ ti ọ̀kadà, mo ní íńtánẹ́ẹ̀tì ò dára mọ́ láyé ìsinsìnyí, mo ní kí Ọlọ́run bá wa ṣe é. Mo kà á tán, mo rí i pé mi ò bèèrè nǹkan kan. Bùọ̀dá á kàn fèsì pé "Àmín" ni. Mo tún wá rí i pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà wà níbẹ̀ rárá. Tí mo bá mẹ́nu kan oore ọjọ́sí nínú ìwé dátà, á dà bíi pé mò ń fi méjèèjì wọn ara wọn.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bùọ̀dá. Ẹ kú ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì fẹ́ kó wà láàárín àwa méjèèjì. Dátà tí mo rà ní Mọ́ńdè tán lánàá kí n tó parí iṣẹ́ oníbàárà. Nígbà tí mo yẹ fóònù mi wò, mo rí i pé láptọ́ọ̀pù àti fóònù yín ṣì máa ń so mọ́ họ́tísípọ́ọ̀tì mi nígbàkígbà tí mo bá tàn án. Mo rò pé àtìgbà tí a ti fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ ni wọ́n ti há páásíwọ́ọ̀dù náà sórí, wọ́n sì ń wọlé fúnra wọn. Iṣẹ́ ni mo fi dátà náà ṣe, Bùọ̀dá, n kò ní lè máa rà á fún ẹ̀rọ tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa lò ó mọ́ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún mi. Màá yí páásíwọ́ọ̀dù padà ní ọ̀sán òní, ni mo ṣe ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín. Tí nǹkan pàjáwìrì bá wà, ẹ kan ilẹ̀kùn mi, màá tàn án fún yín. Ẹ má bínú o. Èmi ọmọ yín ni."

Mi ò kọ 6.5GB síbẹ̀. Ọkàn mi kan fẹ́ kọ ọ́, mo sì ṣì ń rò ó pé bóyá ó yẹ. Àmọ́ tí èèyàn bá kọ iye, owó ló ń bèèrè, owó kọ́ ni mo sì ń bèèrè.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní iṣẹ́ àṣedànù ni mo ṣe, wọ́n ní kí n kàn yí páásíwọ́ọ̀dù padà kí n dákẹ́. Ó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, èyí tí ẹ̀rọ wọn ti há sórí ò ní bá a mu mọ́. Àmọ́ ẹ wò ó, Bùọ̀dá á rí i pé ó ti ṣẹ́. Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. A ó máa kí ara wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní sọ nǹkan kan, yóò sì máa rà nínú ilé. Mi ò fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà lójú kí n tó sọ fún un pé mo fẹ́ tì í.

Apá tó pa mí lẹ́rìn-ín wá ń bọ̀ báyìí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Àmì kan ṣoṣo. Mo dúró. Aago mẹ́fà, àmì kan. Aago mẹ́fà ààbọ̀, àmì kan. Mo ń gbọ́ tí Bùọ̀dá ń fọ ẹnu lẹ́yìn ògiri, wọ́n ti jí. Wọn ò ní dátà ni! Mo wá tan họ́tísípọ́ọ̀tì mi láti tún iṣẹ́ kan ṣe, mi ò ro nǹkan kan. Kò pé ìṣẹ́jú kan, àmì kejì yọ. Dátà mi ló gbé ìwé tí mo fi ní kí wọ́n má lo dátà mi mọ́ dé ọwọ́ wọn.

Àyà mi ń já. Ìgbà tí wọ́n kà á, ó di búlúù, mo sì pa á. Kò sí èsì. Mo gbọ́ tí ẹnu tí wọ́n ń fọ̀ dákẹ́.

Nǹkan bí aago méje, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bùọ̀dá fúnra wọn ni, láptọ́ọ̀pù wà lábẹ́ apá wọn. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "O ò ṣe sọ láti ọjọ́ yìí?" Mo ní àná ni mo mọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní, wọ́n ṣí i. Ó ti di Windows 11. Wọ́n ní ìkìlọ̀ kan ń yọ lójú rẹ̀ ṣáá pé ìtìlẹ́yìn Windows 10 máa parí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, pé kí àwọn gba tuntun, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn rí "ọ̀fẹ́", àwọn tẹ̀ ẹ́. Ó ń gbà á wọlé fún alẹ́ méjì, àwọn tiẹ̀ ń yin kọ̀ǹpútà náà pé ó gbọ́n, pé ó ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé e wá kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì lè ju 4GB lọ. Fóònù Android sábà máa ń mọ̀ tó bá jẹ́ pé họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù Android mìíràn ni òun wà lórí rẹ̀, á rọra jẹ. Láptọ́ọ̀pù Windows ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, Wáífáì ni Wáífáì, ì báà jẹ́ ti yunifásítì tàbí ti ọmọbìnrin kan tó ra dátà ní ₦4,500. Èèyàn ló máa sọ fún un. Mo bá wọn wọ `Manage known networks`, mo yọ àmì kúrò ní `Connect automatically`, mo sì tan `Metered connection`, tó máa ń jẹ́ kó dá ọ̀pọ̀ ẹrù wúwo dúró. Mo ní kí wọ́n ṣe bákan náà sí dátà tiwọn tí wọ́n bá ń lo fóònù wọn, torí bóyá ohun tó ń jẹ dátà tiwọn náà tán nìyẹn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ti ń bú iléeṣẹ́ fóònù láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀sán yẹn ni mo yí páásíwọ́ọ̀dù padà bí mo ṣe sọ. Mo tún sọ fún àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n má ya àwòrán onígun mẹ́rin tó máa ń jáde lójú fóònù fún ẹnikẹ́ni, torí fóònù tó bá ti wọlé lè fi ìyẹn gbé òmíràn wọlé láì sọ páásíwọ́ọ̀dù síta.

Kò parí sí ẹ̀rín pátápátá. Ìyàwó Tíṣà ò kí mi fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Mo kí wọn, wọ́n á dáhùn láìwo ojú mi. Bùọ̀dá ti fi ìwé náà hàn wọ́n, àbí wọ́n bá a lórí fóònù, mi ò mọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n gbé àwo iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bèèrè. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ àwo, mo dá a padà pẹ̀lú ọsàn díẹ̀ nínú rẹ̀. Bùọ̀dá náà fi ₦3,000 ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi. Mo dá a padà. Wọ́n tún fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn mo gbà á, torí pé ọjọ́ Ọjọ́rú ni, ọjà mi sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ọmọ wọn kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Àǹtí, Dádì ní ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ bá àwọn tan họ́tísípọ́ọ̀tì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àwọn fẹ́ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí sùkúù." Mo ní kó sọ pé mo ti tàn án. Mo wo aago.